Ènìyàn 1,068 Kò Lè Ṣojú Ìpínlẹ̀ 36

Àwọn kan ń fi ìwádìí èrò olùdìbò ṣẹ̀sín pé báwo ni ènìyàn 1,068 yóò ṣe sọ èrò àwọn mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 2023. Ẹ̀sùn wọn kò tọ́. Bí a bá fẹ́ ìdánilójú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, tí àṣìṣe kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 3 lọ sókè tàbí sílẹ̀, ìṣirò rẹ̀ nìyí:

n = 1.96² × 0.5 × 0.5 ÷ 0.03² = 1,067.1

A sún un sókè sí 1,068. 1.96 dúró fún ìdánilójú náà, 0.5 sì ni a lò nítorí pé òun ló ń béèrè ènìyàn tó pọ̀ jù lọ. Bí a bá ti ṣa wọn láìṣojúsàájú, mílíọ̀nù 93 kò yí i padà.

Ibi tí mo ti ń bínú ni ìgbà tí wọ́n bá pín èsì náà sí ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ènìyàn 29 ló kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n ní ó ní ìdá 25 níbẹ̀ lè ní 9, ó sì lè ní 41. Kí a tó lè sọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àṣìṣe ìdá 3, ènìyàn 39,516 ni a ó bi léèrè.