Ìdí Tí Omi Ìlúwẹ̀ẹ́ Fi Ń Mú Ara Tutù

Bí afẹ́fẹ́ inú yàrá bá wà ní 27 dígírì lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ènìyàn lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí òtútù má mú un. Ṣùgbọ́n bó bá dúró jẹ́ẹ́ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi rẹ̀ jẹ́ 27 dígírì kan náà, bó pẹ́ bó yá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí ló fà á?

Inú ara wa máa ń gbóná tó nǹkan bí 37 dígírì. Ibi tó gbóná ni ooru ti ń lọ síbi tó tutù. Afẹ́fẹ́ kì í tètè gba ooru lára ènìyàn, ṣùgbọ́n omi ń gbà á kíákíá: agbára omi láti gbé ooru lọ tó ìlọ́po 25 ti afẹ́fẹ́. Nítorí náà, kí ara ẹni tí kò mira má baà tutù, omi gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 33 sí 35 dígírì. Díẹ̀ ni adágún tó gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ gidi ò nílò ooru tó pọ̀ tó yẹn, nítorí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń pèsè ooru. Ìdí nìyí tí omi ìdíje fi máa ń wà láàárín 25 sí 28 dígírì. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ó lè mú kó rẹ àwọn eléré ìdárayá. Àwọn tó kàn ń ṣeré fẹ́ tó 28 sí 30, àwọn ọmọ ọwọ́ sì fẹ́ bí 32.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ọdún méje kan nínú adágún ìta gbangba, ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́, tí omi jẹ́ 24 dígírì. Ó kọ́kọ́ pariwo pé omi tutù. Láìpẹ́, ó ní omi náà ti mọ́ òun lára. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ooru ṣì ń jáde lára ọmọ náà. Awọ ara rẹ̀ ló ti tutù, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ti sún kì, kí ooru inú lè dúró. Ọmọdé kò lọ́ràá púpọ̀, awọ rẹ̀ sì pọ̀ fún ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí náà ó ń tètè tutù ju àgbà lọ. Ètè rẹ̀ á ṣì, ìka á le, ara á máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n náà ni iṣan fi ń wá ooru.

Bó bá jáde, ewu ò tíì tán. Omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ nínú atẹ́gùn ọyẹ́ tún ń gba ooru, inú ara sì lè máa tutù sí i fún ìgbà díẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tútù, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ fún un ní ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ìwọ̀n ooru inú ara bá ti lọ sílẹ̀ ju 35 dígírì lọ, àìsàn ni. Bí ọmọ náà bá ń tòògbé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, tàbí tí kò gbọ̀n mọ́ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ fi tẹmomítà wọn omi kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì mú un jáde bó bá ti gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ ní òun ò tíì ṣeré tán.