Yíyọ Áàpù Kúrò Kì í Ṣe Pípa Àkọọ́lẹ̀ Rẹ́

Ọ̀rọ̀ Faransé mẹ́ta ni ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò nínú áàpù kan lè bá pàdé lójú fóònù: « Désinstaller », « Désactiver » àti « Supprimer mon compte ». Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà. Èkíní ń yọ áàpù kúrò lórí fóònù, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ni áàpù náà. Èkejì ń ti ilẹ̀kùn àkọọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ṣì wà nínú yàrá. Ẹ̀kẹta nìkan ni ó yẹ kí ó kó ẹrù jáde, kí ó sì pa orúkọ olówó rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ìyá oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ tí ó ń dá èésú nípasẹ̀ áàpù. Nígbà tí ó wọlé, ó fi nọ́ńbà fóònù àti orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì gbà kí áàpù náà ka orúkọ gbogbo àwọn tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ èésú náà, ó yọ áàpù kúrò, ó sì ra káàdì síìmù tuntun. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ kì í sùn títí láé: ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ a máa gbà á padà, a sì fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí ẹni tuntun yìí bá gbé áàpù kan náà sórí fóònù rẹ̀, tí ó sì tẹ nọ́ńbà náà wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù ìwọlé yóò dé. Àkọọ́lẹ̀ ìyá náà yóò ṣí sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú fọ́tò, káàdì ìdánimọ̀, orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ àti iye tí olúkúlùkù dá. Kò sí olè níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò tì ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni àwọn ìsọ̀ ńlá méjì tí a ti ń gba áàpù fi gbé òfin kalẹ̀. Láti 30 oṣù kẹfà ọdún 2022, App Store ti Apple kò gba áàpù tuntun tàbí àtúnṣe áàpù wọlé bí ó bá jẹ́ kí ènìyàn ṣí àkọọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ láti inú áàpù náà fúnra rẹ̀. Google kéde tirẹ̀ fún Google Play ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ó sì fi nǹkan kan kún un: yàtọ̀ sí ọ̀nà inú áàpù, ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí ó ti yọ áàpù kúrò lè gbà béèrè ohun kan náà, láìtún gbé áàpù padà sórí fóònù. Ìyá Àjàṣẹ́ yìí gan-an ni àfikún náà wúlò fún.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan ìsọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìjọba ti wà ṣáájú. Ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Bẹ̀nẹ̀ ní Òfin 2017-20, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2018. Tógò ní Òfin 2019-014. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ó wà nínú ìwé kò rọrùn láti lò bí ilé-iṣẹ́ náà bá wà lókè òkun, tí kò sì ní ju àdírẹ́sì lẹ́tà kan lọ. Ìsọ̀ nìkan ni ó lè sọ fún olùṣe áàpù pé, « Tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dé ọwọ́ àwọn oníbàárà. » Kì í ṣe àánú nìkan ni ó ń ṣe wọ́n: ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà tí wọ́n ń tà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹjọ́ máa ń kọ́kọ́ dé.

Olùṣe áàpù èésú yẹn lè fẹ́ wá ọ̀nà àbùjá. Bí ó bá kọ ọ́ pé kí oníbàárà fi lẹ́tà íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ tàbí kí ó pe fóònù, Apple yóò dá a padà. Kìkì àwọn iṣẹ́ tí òfin ń ṣọ́ gidigidi ni a lè gbà láyè láti fi irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ kún un. Bí ó bá fi « Désactiver » síbẹ̀, àwọn ìsọ̀ méjèèjì kò kà á sí ìparẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí bọ́tìnì náà wà níbi tí ojú ti lè tètè rí i, ní abala tí oníbàárà ti ń ṣètò àkọọ́lẹ̀ rẹ̀. Ó lè fi kóòdù ránṣẹ́ láti mọ̀ pé olówó àkọọ́lẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Bí iṣẹ́ náà yóò bá gba ọjọ́ mélòó kan, kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo nǹkan kọ́ ni yóò lọ, ó sì yẹ kí áàpù sọ èyí náà kí oníbàárà tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn. Fọ́tò, káàdì ìdánimọ̀ àti orúkọ àwọn tí ó wà nínú fóònù gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin OHADA lórí ìṣirò owó, tí ó de Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ pa ìwé ìṣirò rẹ̀ mọ́ fún ọdún 10. Àkọsílẹ̀ owó tí ìyá náà san yóò wà níbẹ̀ síbẹ̀, bí ó bá sì jẹ gbèsè, gbèsè rẹ̀ kò parẹ́. Bákan náà, ẹni tí ó ń san owó oṣooṣù nípasẹ̀ Apple gbọ́dọ̀ dá ìsanwó náà dúró fúnra rẹ̀ ní « Réglages », nítorí pípa àkọọ́lẹ̀ rẹ́ kì í dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń yà lẹ́nu nígbà tí owó tún jáde lóṣù kejì.

Níbi kan ni apá ìsọ̀ kò ti ká a. Ojú fóònù ni àyẹ̀wò wọn ń wò. Kò wo inú ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń pa nǹkan mọ́ sí. Orúkọ lè ti kúrò nínú ìwé àwọn oníbàárà, kí fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ṣì wà nínú àpótí mìíràn tí olùṣe gbàgbé. Àmì díẹ̀ wà tí oníbàárà fi lè fura. Kí ó fi nọ́ńbà kan náà gbìyànjú láti wọlé lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá fún un: bí orúkọ àti fọ́tò àtijọ́ bá jáde, títì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn kò kó ẹrù. Bí iṣẹ́ ìpolówó láti ọ̀dọ̀ wọn bá ṣì ń wọlé, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà níbì kan. Kí ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ó pa ẹ̀dà mọ́, bí wọn kò bá sì dáhùn, APDP ni ó ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, IPDCP sì ni ní Tógò.

Àwọn tí ń ṣe áàpù fún ọjà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní iṣẹ́ kékeré kan tí ìsọ̀ kò béèrè lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n kọ « Pa àkọọ́lẹ̀ mi rẹ́ » sábẹ́ « Supprimer mon compte », kí wọ́n sì kọ « Tì í fún ìgbà díẹ̀ » sábẹ́ « Désactiver ». Ẹni tí kò gbọ́ Faransé dáadáa kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ èwo ni ó ń tẹ̀. Ní ti oníbàárà, ètò ìgbésẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì: kí ó gba owó rẹ̀ jáde, kí ó pa àkọọ́lẹ̀ rẹ́, kí ó tó yọ áàpù kúrò. Káàdì síìmù ni kí ó fi sílẹ̀ kẹ́yìn, torí orí nọ́ńbà náà ni kóòdù ìparẹ́ yóò dé sí.