Ebè Mélòó Ló Wà Nínú Oko Onígun Mẹ́ta?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àgbẹ̀ kan wà ní Òkèlúsè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó fẹ́ gbin iṣu sí ilẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Ilẹ̀ náà ṣe ṣóńṣó níbi tó ti kan ọ̀nà, ó sì ń fẹ̀ bí a ti ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ebè kan ṣoṣo ló gba ẹnu ṣóńṣó yẹn. Ìlà kejì gba ebè méjì, ìlà kẹta gba mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìlà ogún tó gba ogún ebè. Àwọn alágbàṣe ti dé, wọ́n fẹ́ mọ iye ebè tí wọn yóò kọ kí wọ́n tó dá owó lé e, igba-igba ni wọ́n sì máa ń ka ebè. Kí ni bàbá yóò sọ fún wọn?

Ó lè ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì lè fi ogún sọ ọ̀kànlélógún di púpọ̀, kí ó rí irinwó lé ogún, kí ó pín in sí méjì. Ohun tí yóò kù ni 210, igba ebè lé mẹ́wàá. Fọ́múlá tó wà nídìí ìṣirò kúkúrú yìí ni àwọn ọmọ wa ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama:

1 + 2 + 3 + … + n = n(n + 1)/2

Lẹ́tà n dúró fún iye ìlà tó wà lóko. Apá òsì ni àròpọ̀ ebè, apá ọ̀tún ni ọ̀nà àbùjá. Ibi tí fọ́múlá náà ti wá kò ṣòro láti rí. Bí a bá ya oko kejì tó dà bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, tí a dorí rẹ̀ kodò, tí a wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́, ìlà tó ní ebè kan yóò bá ìlà tó ní n pàdé, ìlà tó ní méjì yóò bá èyí tó ní n − 1 pàdé. Gbogbo ìlà yóò wá ní n + 1 ebè. Ìlà n, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ebè n + 1, jẹ́ n(n + 1). Ìdajì rẹ̀ ni oko wa.

Ohun tí mo fẹ́ kọ lé lórí gan-an ni bí a ṣe ń fìdí irú fọ́múlá báyìí múlẹ̀ lọ́nà tí kò sẹ́ni tó lè já a, nípa ọ̀nà tí àwọn ìwé ń pè ní ìndọ́kṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ àkọ́sórí, síbẹ̀ wọn kò gbà á gbọ́ nínú ọkàn wọn. Wọ́n máa ń béèrè pé, kí ló dé tí a kò kàn dán fọ́múlá náà wò ní ìgbà mélòó kan, kí ó tán?

Ìbéèrè náà dára, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ẹ wo fọ́múlá mìíràn yìí:

n(n + 1)/2 + (n − 1)(n − 2)(n − 3)

Bí ìlà bá jẹ́ ọ̀kan, ó sọ pé ebè kan ni. Òótọ́ ni. Bí ìlà bá jẹ́ méjì, ó sọ pé mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó sọ pé mẹ́fà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta yóò gbà á. Ṣùgbọ́n oko onílà mẹ́rin ní ebè mẹ́wàá, fọ́múlá yìí sì sọ pé mẹ́rìndínlógún ni. Èyí tó burú jù ni pé a lè fi (n − 4), (n − 5), títí dé (n − 100), sọ apá kejì rẹ̀ di púpọ̀, kí ó sì tọ́ láti ìlà kìíní dé ọgọ́rùn-ún, kí ó wá ṣìnà ní ìlà kọkànlélọ́gọ́rùn-ún. Nítorí náà, dídán wò, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í ṣe ẹ̀rí. Nọ́ńbà kò lópin, ìdánwò wa ní.

Ìndọ́kṣọ̀n fi ohun méjì péré rọ́pò ìdánwò tí kò lópin yẹn. Àkọ́kọ́ ni ìpìlẹ̀: a fi hàn pé fọ́múlá náà tọ́ fún nọ́ńbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ìgbésẹ̀: a fi hàn pé bí ó bá tọ́ fún nọ́ńbà kan, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e náà kò lè ṣàì tọ́.

Ìpìlẹ̀ tiwa rọrùn. Oko onílà kan ní ebè kan. Fọ́múlá sọ pé 1(1 + 1)/2, èyí tí í ṣe 1. Apá méjèèjì dọ́gba, ìpìlẹ̀ ti dúró.

Ìgbésẹ̀ ni ibi tí ó yẹ kí a rọra tẹ̀. Ẹ mú nọ́ńbà kan, a kò ní sọ iye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní k. A ó dá a lábàá pé fọ́múlá tọ́ fún oko onílà k, ìyẹn ni pé:

1 + 2 + … + k = k(k + 1)/2

Àwọn ọmọ máa ń rojọ́ níbí pé, "Ṣé ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọ́ ni olùkọ́ ń dá lábàá yìí?" Rárá o. Ohun tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó tọ́ fún gbogbo nọ́ńbà. Èyí tí a dá lábàá ni pé ó tọ́ fún nọ́ńbà kan, kí a lè wo ohun tí ìyẹn yóò bí. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "bí", ló gbé gbogbo ẹrù ìgbésẹ̀ yìí.

Wàyí o, bàbá fi ìlà kan kún oko rẹ̀. Ìlà tuntun náà ni ìlà k + 1, ebè k + 1 ló sì wà nínú rẹ̀. Àròpọ̀ gbogbo ebè wá di:

k(k + 1)/2 + (k + 1)

Ẹ ṣàkíyèsí pé (k + 1) wà nínú méjèèjì. Bí a bá yọ ọ́ síta, ohun tó ṣẹ́kù nínú àkọ́kọ́ ni k/2, ohun tó ṣẹ́kù nínú èkejì ni 1:

(k + 1)(k/2 + 1) = (k + 1)(k + 2)/2

Ẹ wá padà sí fọ́múlá wa, kí ẹ fi k + 1 sí àyè n. Ohun kan náà gẹ́lẹ́ ni yóò jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà rí i, kí ó rántí oko onílà ogún. 210 ni ebè rẹ̀. Fi 21 kún un, ó di 231. Fọ́múlá sọ pé 21 lọ́nà 22, kí a pín in sí méjì: 231.

Kí ló dé tí ohun méjì wọ̀nyí fi tó fún gbogbo nọ́ńbà? Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹnìkan takú pé ibì kan wà tí fọ́múlá ti ṣìnà. Ó dára, kí ó mú wa lọ sí ibi àkọ́kọ́ gan-an tó ti ṣìnà. Kò lè jẹ́ ìlà kìíní, ìpìlẹ̀ ti rí sí ìyẹn. Nítorí náà, ìlà kan wà ṣáájú rẹ̀, fọ́múlá sì tọ́ níbẹ̀, torí pé ibi àkọ́kọ́ tó ti ṣìnà ni a dúró sí. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ sọ pé bí ó bá tọ́ níbì kan, ó gbọ́dọ̀ tọ́ ní èyí tó tẹ̀ lé e. A jẹ́ pé ó tọ́ níbi tí wọ́n ní ó ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà ta ko ara rẹ̀, kò sì síbi tí alátakò lè mú wa lọ.

Fọ́múlá ẹlẹ́tàn tí a rí lẹ́ẹ̀kan ń kọ́? Ẹ jẹ́ ká mú un gba inú ìgbésẹ̀ kọjá, nítorí ibẹ̀ ni agbára ọ̀nà yìí ti hàn jù. Bí a bá fi k + 1 kún ohun tó sọ fún ìlà k, àfikún tó gbé rù ṣì jẹ́ (k − 1)(k − 2)(k − 3). Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ó gbé rù ní ìlà k + 1 ni k(k − 1)(k − 2). Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, 3(k − 1)(k − 2) ló kù. Ìyẹn jẹ́ òdo bí k bá jẹ́ 1 tàbí 2, kò sì jẹ́ òdo mọ́ láti 3 lọ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe láti ti ìlà kìíní dé ìkejì, àti láti ìkejì dé ìkẹta. Láti ìkẹta sí ìkẹrin, ẹsẹ̀ yẹ̀, mẹ́fà ni ó sì fi yẹ̀: òun náà ni ìyàtọ̀ àárín mẹ́wàá àti mẹ́rìndínlógún. Ìgbésẹ̀ náà tú àṣírí irọ́ náà, ó tún fi ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀ hàn wá.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan ni kí wọ́n fo ìpìlẹ̀ nítorí pé ó rọrùn jù lójú wọn. Kí ẹnìkan sọ pé àròpọ̀ ebè jẹ́ n(n + 1)/2 + 5. Ẹ fi k + 1 kún ti ìlà k, ẹ ó rí (k + 1)(k + 2)/2 + 5. Ìgbésẹ̀ náà kọjá láìfarapa! Síbẹ̀, fọ́múlá yìí ní ebè mẹ́fà wà ní oko onílà kan, kò sì sí ìlà kan ṣoṣo tí ó ti tọ́. Ìpìlẹ̀ nìkan ló lè já a.

Èkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tó ń wá sílẹ̀ láti òkè, kí ó máa tún apá méjèèjì ṣe títí yóò fi rí 0 = 0, kí ó wá kọ ọ́ pé ó ti tán. Irọ́ náà lè bí òótọ́: ẹ kọ 1 = 2, ẹ fi òdo sọ méjèèjì di púpọ̀, 0 = 0 ni yóò jáde. Ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, láti ara àròpọ̀ náà, kí a sì rìn dé apá ọ̀tún. Ọ̀nà tí olùkọ́ fi ń mọ̀ bóyá ìgbésẹ̀ wà ni kí ó wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lo àbá rẹ̀. Bí kò bá sí, kò tíì sí ìgbésẹ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀nà ìndọ́kṣọ̀n yìí ní ààlà rẹ̀: kì í bá ni wá fọ́múlá. Oko tí a dorí kodò ló fún wa ní tiwa, ìndọ́kṣọ̀n kàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Francesco Maurolico, ará Sísílì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ irú ẹ̀rí yìí sínú ìwé, ní ọdún 1575. Àròpọ̀ àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ló fi ṣiṣẹ́:

1 + 3 + 5 + … + (2n − 1) = n²

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra ìdánwò, ẹ fún un ní èyí lálẹ́ òní. Kí ó kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ó kọ àbá rẹ̀ fún k, kí ó fi nọ́ńbà tó kàn kún un, ìyẹn 2k + 1, kí ó sì fi ìka tọ́ka fún yín sí ibi tó ti lo àbá náà.