Wọ́n Ní Iṣẹ́ Wà, Àtẹ̀gùn Ni Kò Jẹ́ Ká Débẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Sókótó, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí àkàndá ẹ̀dá bá wá iṣẹ́ wá sí ọ́fíìsì wa, a máa ń tètè fún un lówó ọkọ̀, lẹ́yìn náà a ó ní kò síṣẹ́ tó bá a mu. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ni, àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ kọ̀ǹpútà?

Òfin tó dá ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá lẹ́kun ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba fi iṣẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún wọn, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Àmọ́ wọ́n fi “bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó” sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ márùn-ún yẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń gbà sá.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń wáṣẹ́, má wo ìwé ìpolówó nìkan. Wo ẹnu ọ̀nà. Ká ní àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn láìsí ẹni tó ń tì í gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po méjìlá gíga rẹ̀, ìyẹn mítà márùn-ún àti ààbọ̀ díẹ̀ ló kù. Bí bíríkìlà bá da kọnkéré mítà kan àti ààbọ̀ síbẹ̀, ewúrẹ́ ló ṣe é fún.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ìhà ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré ló ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Ó dára lójú títì, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ọ̀gá tó mọ ohun tó ń ṣe yóò ṣe ibòji sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn fún un (oòrùn Sókótó kì í ṣeré), yóò sì ní àga onítáyà kan nínú ilé tí olúwarẹ̀ yóò bọ́ sí. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà yóò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ó kéré tán.

Pè wọ́n kí o tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Béèrè bóyá ìsàlẹ̀ ni yóò ti wáyé àbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá ní, “Má ṣèyọnu, a ó gbé ọ gòkè,” bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò máa gbé ọ lójoojúmọ́, àti ẹni tí yóò gbé ọ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí o bá fẹ́ tọ̀.