Ẹ má ra oògùn tí wọ́n gé orúkọ rẹ̀ kúrò

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, oògùn ibà tí à ń tì sí ìdí ọmọ, àti èyí tí obìnrin ń fi sí ojú ara nítorí yíyún, àwọn méjèèjì lè funfun, kí wọ́n rí ṣóńṣó, nínú bébà fàdákà kan náà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló yà wọ́n. Ẹ wá lẹ́tà V-O-I-E. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e bá fi R bẹ̀rẹ̀, ìdí ni. Bó bá jẹ́ V, ojú ara ni. Ìkankan nínú wọn kì í ṣe ti ẹnu. Bí òǹtajà bá fi àlùmọ́gàjí gé ẹyọ kan fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn lè kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ má rà á. Ẹ gba odidi páálí ní famasí, kí ẹ sì bó bébà fàdákà náà kúrò kí ẹ tó lò ó.