Ọjọ́ Awo Dà Nínú Kàlẹ́ńdà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn olóyè ẹgbẹ́ nínú, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn gbé e mì.

Ní Pleasure níbí, ó ṣòro kí ènìyàn tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí kò ní kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan lára ògiri. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn ẹgbẹ́ á kó àwòrán jọ fún ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́, wọ́n á sì gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. N kò bá ẹgbẹ́ aládùúgbò tàbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà jà. Àwa oníṣẹ̀ṣe ni mò ń bá wí. A tẹ kàlẹ́ńdà ní orúkọ Ifá, a ya ọpọ́n Ifá sókè rẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú pupa fòò, Kérésìmesì pupa fòò, ṣùgbọ́n ọjọ́ awo kò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ awo tí ó fẹ́ mọ ìgbà tí yóò bọ Ifá rẹ̀ á wá máa pe ojúgbà rẹ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lókè orí rẹ̀.

Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ ni kàlẹ́ńdà tí ó kọ ọjọ́ òrìṣà ní àṣìkọ. Mo rí ọ̀kan tí ọjọ́ Ifá inú rẹ̀ wà ní ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ kẹfà, ọjọ́ kọkànlá. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Wọ́n sọ fún ọmọ kọ̀ǹpútà pé ọrọọrún ni à ń bọ Ifá, òun náà sì fi márùn-ún kún ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un pé Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí a bá sọ pé òní ọjọ́ mẹ́jọ, ṣebí bí òní ṣe rí nínú ọ̀sẹ̀ náà ni ọjọ́ ọ̀hún yóò rí? Ọjọ́ méje ni ó wà láàárín, òní ni ó sọ ọ́ di mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrún: mẹ́rin ni a ó fi kún un. Ìtàdógún pẹ̀lú, mẹ́rìndínlógún ni a ó fi kún un. Ẹni tí ó bá fi márùn-ún kún un ti gbé ọmọ awo kúrò lórí ọjọ́ Ifá sí orí ọjọ́ Ògún ní ìgbà èkejì, sí ọjọ́ Jàkúta ní ìgbà ẹ̀kẹta.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdún 2027 ṣe é wò. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́rẹ́ ọdún náà. Ká ní ọjọ́ awo bọ́ sí ọjọ́ yẹn. Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe, lọ́wọ́ àgbà ilé Ifá yín ni ẹ ó ti gba ọjọ́ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ògún ni ó tẹ̀ lé e, Jàkúta ti Ṣàngó tẹ̀ lé Ògún, ọjọ́ Ọbàtálá sì parí rẹ̀. Ọjọ́ awo oṣù náà á wá jẹ́ 1, 5, 9, 13, 17, 21, 25 àti 29. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀ àti Ajé, kí ó tó padà sí Ẹtì. Nínú oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kejì ni ọjọ́ awo àkọ́kọ́, kì í ṣe ọjọ́ kìíní. Ibí ni àwọn tí ń tún ìṣirò bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan ti ń ṣubú. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún á jẹ́ ọjọ́ awo, ọjọ́ awo àkọ́kọ́ ní 2028 á sì jẹ́ ọjọ́ kẹrin. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ mú kàlẹ́ńdà èṣí, kí a yí ọdún orí rẹ̀ padà, kí a ní ó parí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú wa ní kí a ya kàlẹ́ńdà olópòó mẹ́rin, kí òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ó dára lójú, n kò sì bá wọn fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń wá ọjọ́ Ajé tí ọmọ rẹ̀ yóò wọlé sí ilé ìwé kò ní rí i kíákíá níbẹ̀, yóò sì lọ gbé kàlẹ́ńdà mìíràn kọ́. Ẹ fi òpó méje sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ òrìṣà wẹ́wẹ́ sábẹ́ nọ́ńbà. Ẹ má sì fi àwọ̀ ṣe àmì rẹ̀. Funfun Ọbàtálá kò lè hàn lórí bébà funfun, bẹ́ẹ̀ pupa Ṣàngó á jẹ́ kí aráyé rò pé ìsinmi ìjọba ni. Lẹ́tà ni ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí Ò ti Ògún àti Ọ ti Ọbàtálá a máa jọra bí àmì abẹ́ rẹ̀ bá parẹ́ nínú ìtẹ̀wé. If, Òg, Jà, Ọb: ó tó.

Àyè wá dà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn olóyè ti wọlé. Ẹ mú bébà tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 59, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 42, tí oṣù méjìlá wà lójú kan ní ìlà mẹ́rin. Bí àwòrán bá gba ìdajì rẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan á ní bíi sẹ̀ǹtímítà méje ní òró. Bí a bá yọ orúkọ oṣù àti orúkọ ọjọ́ kúrò, ìlà kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan, nọ́ńbà àti lẹ́tà sì lè gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí alága, ìgbákejì, akápò àti ìyàwó alága bá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìlà kò ní tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Kò sí lẹ́tà tí yóò hàn níbẹ̀ fún àgbàlagbà bí èmi. Ọmọ kọ̀ǹpútà á tún gé ìlà kẹfà kúrò kí àyè lè wà. Oṣù Sẹ́rẹ́ 2027 sì nílò ìlà mẹ́fà bí ọjọ́ Àìkú bá ṣíwájú, nítorí ọjọ́ méjì péré ni ó wà ní ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n á wá ti 24 àti 31 mọ́ inú àpótí kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ Ọbàtálá ni 24, Jàkúta ni 31. Èwo ni wọn yóò kọ síbẹ̀?

Mo ní kí àwòrán dín kù, wọ́n ní àwọn tí àwòrán wọn wà níbẹ̀ ni ó dá owó ìtẹ̀wé. Òótọ́ ni. Àwòrán kéékèèké ní ìlà kan lè gba gbogbo wọn, bí wọ́n bá gbà pé orí alága kò gbọdọ̀ tóbi ju ọpọ́n lọ. (Ẹ má sì gbé orí ẹnikẹ́ni sún mọ́ etí òkè, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi há bébà á jẹ fìlà rẹ̀.)

Ó ku ìsinmi. Ọjọ́ ogún oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ìjọba Èkó sì ti ń fún wa ní ìsinmi nítorí rẹ̀ láti 2023. Ìsinmi ìpínlẹ̀ ni, kò sí nínú ti ìjọba àpapọ̀, orí ti àpapọ̀ sì ni àwọn atẹ̀wé ti ń da tiwọn kọ. Bí ẹ kò bá fi ẹnu yín sọ ọ́, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe á dúdú nínú kàlẹ́ńdà oníṣẹ̀ṣe. Ti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ òṣùpá ni ó wà. Ẹ má fi ọjọ́ kan dá a lójú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba ẹ̀dà ìdánwò kan, kí ẹ sì fi ìka ka á láti ọjọ́ awo kan sí èkejì, pàápàá níbi tí oṣù kan ti kan òmíràn. Bí ìka yín bá já sí ọjọ́ Ògún, ẹ dá a padà fún un.