Ínsúlínì kì í ṣe ẹ̀rí pé aláboyún jẹ̀ jù

Bí aláboyún kan ládùúgbò wa ní Barking àti Dagenham bá ní àtọ̀gbẹ inú oyún, àwọn àǹtí á ní ẹ̀bà ló jẹ jù. Bó bá wá di pé wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, wọ́n á ní kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan ní Dagenham. Aláwọ̀ dúdú ni, bàbá rẹ̀ sì ní àtọ̀gbẹ, nítorí náà NHS ní kó wá ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Kò jẹun láti òru. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní omi tó ní gíráàmù 75 gúlúkóòsì mu, ó jókòó fún wákàtí méjì, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá tó 5.6 mmol/L, tàbí tí ìkejì tó 7.8, ó ti ní in nìyẹn. Tirẹ̀ jẹ́ 5.4 àti 8.6. Ìkejì nìkan ti tó.

Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tí yóò máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀ wò nílé. Láàárọ̀ kó tó jẹun, kò gbọdọ̀ tó 5.3, ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kò gbọdọ̀ tó 7.8. Nọ́ńbà méjèèjì kì í sọ ohun kan náà.

Ti ẹ̀yìn oúnjẹ ń sọ̀rọ̀ nípa abọ́. Ó jẹ òkèlè ẹ̀bà ńlá, ó rí 9.1. Lọ́jọ́ kejì ó dín ẹ̀bà náà kù, ó fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un, ó rìn díẹ̀, ó rí 7.2. Kò kọ ẹ̀bà sílẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n ti àárọ̀ ń jẹ́ 5.8, 5.7, 5.9. Ta ló jẹun lóru? Ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń sùn, àwọn èròjà tó ń ti ara ibi ọmọ wá kò sì jẹ́ kí ínsúlínì ara rẹ̀ ráyè ṣiṣẹ́. Bó bá febi sùn, ìyẹn kò ní tún un ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, dókítà á fi oògùn mẹ́tífọ́mìn kún un. Bí kò bá ká a, ínsúlínì alẹ́ ló kàn. Ká ní ti àkọ́kọ́ níbi àyẹ̀wò ti tó 7 ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ínsúlínì.

Ohun tí ìtìjú lè fà ló ń bà wá lẹ́rù: kí èèyàn rí 5.9, kó kọ 5.1 sínú ìwé. Dókítà kò ní fi kún oògùn. Ṣúgà ìyá ń kọjá sára ọmọ inú. Ọmọ á máa pèsè ínsúlínì tirẹ̀, á sanra jù, ṣúgà rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Nítorí náà, bí àǹtí bá bẹ̀rẹ̀ àríwísí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n: "Ṣé ti àárọ̀ ni, mà, àbí ti ẹ̀yìn oúnjẹ?"

Bó bá ti bímọ, wọ́n á dá ínsúlínì náà dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 13, wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìjẹun, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, torí àtọ̀gbẹ gidi lè tẹ̀lé e. Ẹ bá a gbé ọmọ lọ́jọ́ náà kó lè ráyè lọ.